Ojú Ewé Kẹta

Báírò dúdú ni mo fi ń to àmì sórí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa kò mọ àmì ohùn Yorùbá rárá. Mo rántí bí tàdáwà báírò náà ṣe ń yí mi lọ́wọ́, tí inú mi sì ń dùn bíi ti ẹni tó ń dirun fún ìyàwó tuntun. Nígbà náà, mo ti lo ọdún méjì gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré ní kóòtù májísíréètì kan ní Abẹ́òkúta. Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, kò sì sí ẹni tó wọ ọ́fíìsì náà tí n kò jẹ́ kó mọ̀. Ògbufọ̀ kóòtù wa, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ògbufọ̀, ló fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá akọ̀wé kóòtù, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti kọ ìwé ìyìn fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Nígbà tí Bàbá kà á tán, wọn kò béèrè ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ ọ́fíìsì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, kí a sì kà á sókè níbi ayẹyẹ. Gbogbo wa rò pé torí àwọn ẹbí wọn tó ń bọ̀ láti Owódé ni. Ọ̀gá ní kí n lọ ṣe é.

Ẹni tí kò bá tíì dé kóòtù lè má mọ bí iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe wúwo tó. Ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá nínú àpótí, ògbufọ̀ á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ á sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì náà sínú ìwé. Ohun tí adájọ́ kọ yẹn ni yóò fi dájọ́. Yorùbá tí ẹlẹ́rìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Nítorí náà ni Bàbá Ògbufọ̀ ṣe máa ń kìlọ̀ fún àwa ọmọdé ọ́fíìsì pé kí a má fi kún ọ̀rọ̀, kí a má sì yọ nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣépè, kí ògbufọ̀ náà ṣépè. A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Mo pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní rí àbùkù nínú iṣẹ́ mi, pàápàá jù lọ bàbá tó fi ìtumọ̀ jẹun fún ọdún márùndínlógójì. Àmọ́ ìtumọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan ni mo fi tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì náà. Nígbà tí mo kà á sókè fún ìyá mi nílé, wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọ́n ní, "Ìgbà wo ni bàbá náà kú?" Mo wò ó, òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Ògbufọ̀ bíi pé wọn kò sí níbẹ̀: ó ṣe báyìí, ó ṣe bọ́ọ̀hún, àdánù ńlá ni lílọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú là ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó bá jókòó síwájú ẹni, òun gan-an là ń bá sọ̀rọ̀. Mo ya ìwé náà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kí ìwé náà máa kí bàbá, kó máa pè wọ́n ní ẹ̀yin, kó máa wò wọ́n lójú. Ibi tí ọ̀gá ti kọ pé àdánù ni, mo kọ ọ́ pé àyè yín yóò ṣófo. Gbólóhùn tó gùn tó ìlà mẹ́rin, mo gé e sí mẹ́ta, torí ẹni tó ń kàwé sókè gbọ́dọ̀ mí. Mo ń kà á lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ibi tí ahọ́n mi bá sì ti kọ̀, mo máa ń fi báírò sàmì síbẹ̀.

Ojú ewé kẹta ni mo ti kọsẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ti kọ nípa ẹjọ́ kan tó ti pẹ́ kí n tó dé kóòtù náà. Wọ́n fẹ̀sùn kan obìnrin kan láti Ìtòrí pé ó já kọ́kọ́rọ́ yàrá tí aládùúgbò rẹ̀ kan ń kó gàrí sí, ẹrù sì sọnù níbẹ̀. Adájọ́ ìgbà náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè wa. Obìnrin náà ṣe àlàyé gígùn nínú àpótí, pé òun rí èéfín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, òun rò pé iná ti ń jó ẹrù ẹlẹ́rù, ìdí nìyẹn tí òun fi já kọ́kọ́rọ́. Ẹjọ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ Bàbá Ògbufọ̀, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Wọ́n sọ fún adájọ́ pé obìnrin náà ní òun já kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́. Wọn kò dárúkọ èéfín. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó fagi lé béèlì rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí àtìmọ́lé lójú àwọn ará Ìtòrí tó wá wo ẹjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ògbufọ̀ tọ adájọ́ lọ nínú yàrá rẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pe obìnrin náà padà sínú àpótí. Wọ́n pè é padà, ògbufọ̀ mìíràn ló dúró tì í, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bàbá gba ìwé wí-tẹnu-ẹ, ìgbéga tó yẹ kó kàn wọ́n lọ́dún náà sì fò wọ́n dá. Ọ̀gá kọ ọ́ pé òun kò tíì rí ẹlòmíràn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ka ẹ̀bi ara rẹ̀ fún adájọ́.

Mo ka ojú ewé yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì yọ ọ́. Mo ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìyìn, àmọ́ ta ni yóò dúró lójú àna àti ẹbí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń mu, tí yóò máa fi Yorùbá sọ pé ẹ̀bi bàbá yìí ló gbé obìnrin kan sùn sí àtìmọ́lé? Mo fi oríkì Ẹ̀gbá dí ojú rẹ̀, oríkì tó dùn létí. Mo rò pé mo gba bàbá lọ́wọ́ ìtìjú ni. Nígbà tí mo kó iṣẹ́ náà dé, iṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì ọ̀gá, wọ́n kàn bi mí pé ṣé ó pé. Mo ní ó pé, mà.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni a lò, ní ọ̀sán Sátidé. Ìyá àgbà kan tó wé gèlè aláwọ̀ ilẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó Bàbá Ògbufọ̀, ọmọ wọn obìnrin kan sì wà lẹ́yìn wọn. Mo rò pé ẹbí láti Owódé ni. Mo dìde, mo kàwé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo dé ibi oríkì, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè. Mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Ògbufọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ọ̀gá tí wọ́n di ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà mú, tí wọ́n ń wo ojú ewé kẹta.

Bàbá bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé ibi tó parí sí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wọ́n ní, "Ibi tó kù yẹn ni mo torí ẹ̀ ní kí ẹ kà á ní Yorùbá. Ìtòrí ni màmá tó jókòó yìí ti wá. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sá lọ. Àmọ́ bàbá kò fún mi láyè. Wọ́n ní kí ọ̀gá máa ka Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹyọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí èmi dúró síwájú màmá, kí n máa gbufọ̀. N kò ní báírò lọ́wọ́, kò sí àyè fún àtúnṣe. Mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ ilẹ̀, mo pinnu pé bó bá máa pa mí, n ó sọ ọ́. Ọ̀gá kà, mo sọ. Mo sọ èéfín, mo sọ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà, ahọ́n mi fẹ́ yí i sí pé wọ́n gbàgbé. Bàbá Ògbufọ̀ ń wò mí. Mo ní, "Wọ́n gbọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gé e kúrò." Kò sí ẹni tó ń ju ọwọ́ sókè mọ́. Mo ń bá a lọ títí ó fi tán.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní látọjọ́ náà, bí àwọn bá ti la ẹnu láàárín ẹgbẹ́ ní Ìtòrí, ẹnìkan á pa á lówe pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkọ àwọn pàápàá sọ ọ́ títí tó fi kú. Àwọn náà gbà á gbọ́, àwọn sì dẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Wọ́n dá àwọn sílẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí tí wọ́n fi ti àwọn mọ́lé fún àwọn. Màmá wá kọjú sí Bàbá Ògbufọ̀.

"Ṣé ẹnu mi kọ́ nígbà náà?"

"Ẹnu yín kọ́, mà," ni bàbá wí. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. "Ẹnu tèmi ni."

Màmá yíjú sí ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣó o gbọ́?" Ọmọ náà ti ń sunkún, ó ní òun gbọ́.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ bàbá. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn sọ pé àárẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn gé ọ̀rọ̀ nígbà tiwọn, ìfẹ́ ló jẹ́ kí èmi gé e, ṣùgbọ́n ẹni tí a gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀.

Lónìí, èmi ni mo ń gbufọ̀ ní kóòtù náà. Àwọn ọmọdé ọ́fíìsì ń pè mí ní Ìyá Ògbufọ̀, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo máa ń bẹ ẹlẹ́rìí kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Àwọn ọ̀sán kan wà tí àlàyé á gùn, tí ebi á máa pa mí, tí adájọ́ á sì gbé báírò sókè, tí yóò máa dúró dè mí. Mo máa ń bi ara mi nígbà náà pé níbo ni èéfín wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni yìí, n kì í sì í jókòó títí n ó fi sọ ọ́.