Ìlà Kẹta Nísàlẹ̀ Àwòrán

Àwọn ará ọ́fíìsì omi ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé Ìsàlẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Bí ọ́fíìsì bá ya fídíò kékeré tí wọ́n fẹ́ gbé sórí fóònù àwọn aráàlú, òun ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè, tàbí ẹni tó pa ohùn fóònù rẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ń bẹ nítòsí, lè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Èdè mẹ́ta ni wọ́n ń sọ nílùú náà: èdè ìjọba, èdè àwọn ará òkè, àti èdè àwọn ará etí odò. Obìnrin yìí gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Etí odò ni wọ́n bí i sí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni o. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ti àwòrán sókè lórí fóònù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìlà kan, tó bá pọ̀ jù méjì, ni ojú lè kà kí àwòrán tó yí padà, ìlà náà sì gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ tó kí ẹni tí kò yára kàwé lè kà á tán. Bí àwòrán bá funfun, lẹ́tà funfun á rì sínú rẹ̀, nítorí náà ó máa ń tẹ́ àwọ̀ dúdú sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó máa ń yẹ àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé irú lẹ́tà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń gé àmì dànù, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló máa ń jó ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, jíjó mọ́, bí ìgbà tí darandaran bá fi irin gbígbóná sàmì sára màlúù. Tó bá ti jó mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè sún un sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́.

Ìyá àgbà kan ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì fi òfin kan lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Kí o tó jẹ́ kí aráyé rí i, gbé e sórí ojúewé àdánwò tí ẹlòmíì ò lè dé. Wá ṣí i lórí fóònù, fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kó jẹ́. Jáde sínú oòrùn, pa ohùn rẹ̀, kí o wò ó bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan." Ọdún méje ni Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ fi pa òfin náà mọ́. Àwọn awakọ̀ ọ́fíìsì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá rí i tó dúró lójú oòrùn tó ń bá fóònù wójú ara wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò wó ògiri ilé ìkóǹkansí kan lókè ìlú, àpò àpò ajílẹ̀ sì ṣàn wọnú odò àti kànga. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́rú, àwọn tó ń yẹ omi wò ti rí i pé omi náà ti di májèlé fún ọmọ ọwọ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé sísè kì í mú irú májèlé yẹn kúrò. Bí omi bá ń hó, omi ló ń dín kù, májèlé ò dín. Ẹni tó sè é ti mú un le sí i ni.

Ni wọ́n bá ya fídíò ìṣẹ́jú kan. Dókítà ọ́fíìsì dúró ti ìkòkò kan lórí iná, omi ń hó nínú rẹ̀, ó ń nawọ́ sí i, ó sì ń sọ lédè ìjọba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sísè yóò ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ rí ìkòkò yẹn, ó kọjú sí ọ̀gá ọ́fíìsì.

Ó ní, "Ọ̀gá, ìkòkò yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ò bá rí ọ̀rọ̀ kà, á rò pé ẹ ní káwọn lọ sè é ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí torí ẹ̀ la ṣe gbà yín síṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe fídíò mẹ́ta nígbà náà, èdè kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà á tóbi, ibi tó dáa ni màá gbé e sí."

"Fídíò mẹ́ta! Kí àwọn ará òkè lè wí pé ti etí odò ló kọ́kọ́ jáde? Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ fẹ́ràn ìjà. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan. Aago mọ́kànlá ni mo fẹ́ ẹ."

Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó fi èdè ìjọba sókè, ó fi ti àwọn ará òkè sí àárín, nísàlẹ̀ ojú dókítà. Ó wá ku tirẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án lẹ́ẹ̀mejì rí pé ó ń gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún. Ẹni tó bá ń bu oúnjẹ fún àlejò, tirẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó fi èdè etí odò sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kù díẹ̀ kó kan etí àwòrán.

Nígbà tó jó o mọ́ àwòrán tán, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá ti dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ wò ó lójú kọ̀ǹpútà ńlá, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ kedere. Ó rántí fóònù, ó rántí oòrùn.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò."

"Àwọn ọmọ ń mumi lọ́wọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ dán an wò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó gbé e jáde fún aráyé láìdán an wò. Kí ó tó dìde, ó fi líǹkì fídíò náà ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní etí odò, tí kò gbọ́ ju èdè ibẹ̀ lọ, ẹni tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, tí wàrà rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá, tó jẹ́ pé mílíìkì inú agolo ló ń pò fún ọmọ. Ó kọ ọ́ pé, "Wo èyí o, fi han àwọn ará ilé." Àbúrò fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó lọ jẹun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àbúrò pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ètè ọmọ yìí ti dà bí eérú. Èékánná ẹ̀ náà. Ó ń mí gúlegúle."

"Omi wo lo fi po mílíìkì ẹ̀?"

"Omi kànga ni, mo sì sè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń sè é kí n tó pò ó, bí dókítà yẹn ṣe ṣe nínú fídíò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."

Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ ò mọ ìgbà tó pariwo. "Gbé e lọ sílé ìwòsàn! Gbé e báyìí! Sọ fún wọn pé ajílẹ̀ ló wà nínú omi!"

Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí fídíò náà lórí fóònù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èdè ìjọba wà lókè. Ti àwọn ará òkè wà láàárín. Nísàlẹ̀, níbi tó fi èdè ìyá rẹ̀ sí, orúkọ ọ́fíìsì ló jókòó lé e. Lábẹ́ orúkọ ni ọ̀rọ̀ ìpolówó tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ wà, àwòrán ọkàn àti ọfà tí wọ́n fi ń pín fídíò sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ojú fóònù ṣe máa ń rí nìyẹn fún gbogbo ayé, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Orí lẹ́tà díẹ̀ ló yọ jáde, bí orí ẹni tó ń rì sómi. Fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò sí ọ̀rọ̀ kan lédè etí odò. Ìkòkò ló wà níbẹ̀, àti dókítà aláṣọ funfun tó ń nawọ́ sí omi tó ń hó.

Wọ́n pa fídíò náà rẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kó ṣe mẹ́ta, kò sì sọ nǹkan kan nípa ìjà mọ́. Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ ṣe é dáadáa: kò sí ìkòkò, lẹ́tà ńlá wà láàárín gbungbun, ó jáde sínú oòrùn, ó pa ohùn, ó wò ó. Àwọn awakọ̀ wò ó, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn èèyàn ti gbé èyí àkọ́kọ́ sórí ojúewé tiwọn, ó ń rìn lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, orúkọ àwọn náà sì jókòó lé ìlà kẹta.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó dúdú bí omi kòkó. Oògùn tó lè yí i padà wà, ṣùgbọ́n ìlú kejì ni wọ́n ti lọ gbé e. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, ọmọ ti lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Akọ̀wé Ìsàlẹ̀ jókòó sórí ẹní nínú yàrá àbúrò rẹ̀. Agolo mílíìkì ṣì wà lójú fèrèsé, ó ku ìdajì. Ó ti ń kọ́ bó ṣe máa tọrọ àforíjì lójú ọ̀nà títí, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, agolo yẹn ló tẹjú mọ́. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ì bá sì wù ú kí àbúrò lù ú.

Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Lédè wa?"

"Lédè wa."

"Kí lẹ kọ?"

Ó kà á fún un láti orí, pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ: "Ẹ má fi omi kànga fún ọmọ ọwọ́. Sísè kò lè mú májèlé rẹ̀ kúrò."

Àbúrò ń tún un sọ lábẹ́ ètè, ó ń fi ìka ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹní, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó kà á tán. Ó gbójú sókè.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀."