Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ohùn Fírísà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń yọ egungun ṣàwá kúrò nínú àwo mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá kọ́ni ní etí omi Ìlàjẹ. Mo gbé ibẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ẹ̀rù ẹja elégungun kò kúrò lára mi.

"Ará òkè," ó wí, "ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ ò tíì mọ ẹja jẹ."

"Ìwọ ni o kò kọ́ mi."

"Bí mo bá kọ́ yín, iṣẹ́ wo ló kù fún mi nínú ilé yìí?"

Ìdí oúnjẹ yẹn ni a ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ iná. Ọmọ wa obìnrin ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi ní fírísà tirẹ̀, níbi tó ń kó ẹja tó ń tà sí, àti ẹja àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ ọjà Igbókòdá. A fẹ́ ra ohun tí yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná tó ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni agbára wa ká.

Jẹnẹrétọ̀ kan ló ń fún gbogbo abúlé wa ní iná, láti ìrọ̀lẹ́ lọ. Bí gbogbo ilé bá tan nǹkan wọn lẹ́ẹ̀kan náà, iná á rẹlẹ̀, gílóòbù á máa pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Àwọn ènìyàn á wá dúró lórí afárá pákó, wọ́n á máa kígbe sí ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ pé, "Fi kún un o!" Òun náà á yí i sókè. Bí ilé púpọ̀ bá wá pa tiwọn kí ó tó rántí yí i padà, iná á ga kọjá ìwọ̀n fún àwọn tó kù.

Mo ní sìtébíláísà ni kí a rà, fún fírísà. Físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mo ṣàlàyé. Tẹlifíṣọ̀n òde òní lè fara da iná tó rẹlẹ̀. Èyí tó bá fò sókè lójijì ló ń bà á jẹ́, àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀jì sì lè gba ìyẹn mú. Ti fírísà yàtọ̀. Bí iná kò bá tó, ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ kò ní lè gbéra. Á kàn máa kùn, á máa gbóná, títí wáyà inú rẹ̀ á fi jóná. Sọ́ọ̀jì kò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí kò lè fi ohunkóhun kún iná tó kéré. Sìtébíláísà ló lè gbé e sókè.

Ó gbọ́ mi tán, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ra sọ́ọ̀jì fún tẹlifíṣọ̀n yín."

"Fírísà ńkọ́?"

"Èmi ni sìtébíláísà fírísà."

Òótọ́ ló sọ. Ibi yòówù kó wà nínú ilé, bí fírísà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìgbéra, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré lọ fa wáyà rẹ̀ yọ. Á jẹ́ kó tutù, kí iná náà sì padà sípò, kó tó fi í sí i padà.

"Tí o bá wá lọ sọ́jà ńkọ́?"

"Mo máa ń yọ ọ́ kí n tó lọ. Fírísà ń ké. Tẹlifíṣọ̀n yín kì í ké, ó kàn máa kú ni, bí àgbà tó ń fi àìsàn pamọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. A fẹnu kò sí sọ́ọ̀jì.

Ní ọ̀sán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní orí ń fọ́ òun, kí n bu omi fún òun. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, kò lè di kọ́ọ̀bù mú mọ́. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, à ń lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a tó gúnlẹ̀ sí Igbókòdá, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń wá bá mi jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan yọ wáyà fírísà kí ó lè fi fáànù síbẹ̀ fún àwọn àlejò. Ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ yí iná sókè, kí ilé ọ̀fọ̀ má baà ṣókùnkùn. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn pa tẹlifíṣọ̀n àti rédíò wọn, nítorí ọ̀wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni iná ń ga sí i lọ́dọ̀ wa. Gílóòbù méjì bẹ́. Ohun kan dún pàù nínú tẹlifíṣọ̀n, òórùn jíjó sì gba inú ilé. Bóyá sọ́ọ̀jì tí a kò tíì rà ì bá kú dípò rẹ̀. N kò lè búra, nítorí iná tó ga tó sì dúró síbẹ̀ ju agbára sọ́ọ̀jì lọ.

Ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ ní ọjọ́ kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ìmọ́lẹ̀ ni mo ní kó pọ̀ fún yín."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Dìde."

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo fi wáyà fírísà padà. Àwọn ilé ti tan tiwọn, iná ti rẹlẹ̀. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ ohùn kan, mo rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin, tó dúró tì mí, ló sáré jáde láti yàrá.

"Ọkọ wa, ṣé etí yín di ni? Fírísà ń kú lọ!"

Mo fa wáyà náà yọ. Ìdí rẹ̀ gbóná débi pé mo yára gbé ọwọ́ mi kúrò.

"Ẹ tà á," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

"Ẹja àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀."

"Wọn ò tíì béèrè."

"Ojú ló ń tì wọ́n láti wọ ilé ọ̀fọ̀ wá gbé ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Kò gbọdọ̀ jẹrà mọ́ orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n lọ wá aṣọ tó nípọn, ó fi bo fírísà kí òtútù inú rẹ̀ má baà tètè jáde.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá. Ọkùnrin tó ń ta ohun èlò iná gbé sọ́ọ̀jì kan síwájú mi. "Bàbá, èyí ni gbogbo ayé ń rà. Ó gba tẹlifíṣọ̀n, ó gba fírísà."

"Bí iná bá rẹlẹ̀, ṣé yóò fi kún un?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá! Ẹ ṣòfíntótó, ẹ ò jẹ́ kí n rẹ́ yín jẹ. Ìyẹn ò ní fi nǹkan kan kún un."

Ó gbé sìtébíláísà kékeré wá. Mo ní kó gbé èyí tó tóbi, nítorí bí fírísà bá ń gbéra, iná tó ń fà ju èyí tó ń lò lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ó fi kún un pé bí iná bá lọ tó sì dé, sìtébíláísà náà á kọ́kọ́ dúró kó tó fi iná ránṣẹ́, kí fírísà lè sinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo so ó fúnra mi. Iná dé, ó rẹlẹ̀ bó ṣe máa ń rẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń kígbe lórí afárá. Mo dúró ti fírísà, n kò jókòó. Sìtébíláísà dún kẹ́. Fírísà gbọ̀n díẹ̀, ó gbéra, ohùn rẹ̀ sì já gaara.

Mo ṣí i, mo fọwọ́ kan àwọn ẹja náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara wọn ti rọ̀, àárín wọn ṣì le bí òkúta. Mo dé e padà. Mo jáde sórí afárá, mo lọ sí ilé obìnrin tó sún mọ́ wa jù lọ, mo sì sọ fún un pé ẹja rẹ̀ kò bàjẹ́, kó wá gbé e ní ọjọ́ ọjà.