Ẹja Díńdín Tí Mùnírù Jẹ́wọ́

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí irùngbọ̀n mi re dànù.

Ẹ̀yà ara tó ń pèsè omi tó ń mú oúnjẹ dà wú nínú Mùnírù, awakọ̀ tírélà Apapa. Ó ní ààwẹ̀ ni yóò wo òun sàn. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tòun ti èébì. Lọ́jọ́ kejì tí èébì náà dá, nọ́ọ̀sì Chidinma fún un ní ẹ̀kọ mímu tí kò ní mílíìkì, ara sì gbà á.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ yọ́ gbé ẹja díńdín wá fún un. Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

"Alhaji, kí lẹ jẹ?" Chidinma bi Mùnírù.

"Ẹ̀kọ nìkan."

Chidinma ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Bí ẹ̀kọ lásán bá ń dà yín láàmú, rọ́bà la máa ti bọ imú yín láti fún yín lóúnjẹ."

"Sísítà, ẹja ni! Ẹja díńdín méjì! Ẹ kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́ pé ara gba ẹ̀kọ, kò gba òróró. Imú Alhaji yè. Rukevwe tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ṣì ń gbé Marine Beach. Ẹ lọ bi í.