Ìlà Tí Mo Fò Nínú Orí Ẹ̀gẹ́

Ọ̀la ni ìdánwò mi ní yunifásítì tó wà ní Ìwó níbí. Mo ti ké orí ìwé tó sọ nípa májèlé inú ẹ̀gẹ́ kúrú sí ojú ìwé kan, mo sì ti há a sórí. Mo pa ìwé dé, mo ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nídìí agbada gàrí wọn, láìfi Gẹ̀ẹ́sì sí i.

"Màámi, tẹ́ ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, tẹ́ ẹ fún omi rẹ̀, tẹ́ ẹ yan án, májèlé ti lọ nìyẹn."

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kí la wá ń rin ín fún? Tí mo bá yan án lódidi ńkọ́?"

Ìdáhùn yẹn ò sí lójú ìwé tí mo há sórí. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu látàárọ̀!

Mo sáré ṣí ìwé ńlá tí mo ti kọ ọ́ jáde. Ohun méjì ló ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́: èyí tí májèlé so mọ́, àti èyí tó lè tú u. Rírin ló ń jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ìgbà náà ni májèlé ń tú sílẹ̀, tó ń bá omi àti ooru lọ; tá a bá yan án lódidi, púpọ̀ rẹ̀ á kù síbẹ̀. Ìlà yẹn gan-an ni mo fò, mo ní ó ti gùn jù!

Mo kà á sí wọn létí ketekete.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Pa ìwé yẹn dé, kó o tún un sọ."

Mo pa á dé. Mo sọ ọ́ dé ibi ohun méjì yẹn, mo tún ṣí ìwé.