Ọ̀fẹ́ Tó Ń Jẹ Owó Páànù Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ìlú ọba kórìíra kí ẹnikẹ́ni gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù torí owó bọ́ọ̀sì, á wá lọ fi ìlọ́po rẹ̀ ra oògùn ikọ́. Nígbà tó wá rí áàpù kan tó ní òun kì í gba kọ́bọ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sílé, àfi bíi pé wọ́n fi í joyè.

Áàpù mìíràn ni àbúrò wa obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ń lò ní tirẹ̀. Ìyẹn máa ń yọ pọ́n-ùn mẹ́ta nínú owó tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́, iye yòówù kó jẹ́. Bọ̀ọ̀dá wa sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Olówó ni ẹ́,” ni yóò wí lórí gúrúùpù ìdílé wa. “Èmi ò ní pọ́n-ùn tí mo lè fi ta áàpù lọ́rẹ.”

Èmi ni mo wà nílé. Ọ̀dọ̀ Màmá ní Ọ̀kà Àkókó ni mò ń gbé, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkàrẹ́. Lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé Màmá, àwọn méjèèjì ní àwọn á fi igba pọ́n-ùn, igba pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún páànù. Àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní Ìkàrẹ́ ni mo wà tí àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì fi wọlé. Mo wò ó, mo tún un wò. Ti àbúrò wa, ẹni tó san owó, fi ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ju ti ọlọ́fẹ̀ẹ́ lọ!

Mo ní kí àwọn méjèèjì fi réètì tí wọ́n gbà ránṣẹ́ sí mi. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbàá náírà ni pọ́n-ùn kan jẹ́ lọ́jà gan-an lọ́jọ́ náà. Áàpù Bọ̀ọ̀dá ṣírò tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá. Ọgọ́rùn-ún náírà fò lọ lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lórí igba, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé owó iṣẹ́ ni. Ti àbúrò wa, wọ́n yọ pọ́n-ùn mẹ́ta, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà, wọ́n sì fi náírà mẹ́wàá dín réètì lórí èyí tó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Nígbà tí mo délé, mo pe Bọ̀ọ̀dá. Mo ní, “Ẹ kú ọ̀fẹ́, sà. Ọ̀fẹ́ yín ti jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún nínú páànù Màmá.”

“Kò ṣeé ṣe,” ló fèsì. “Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: òdo!”

Màmá, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gba fóònù. “Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó tẹ ìdí kóńgò wọnú, ṣé ó tún nílò àtibu owó lé gàrí? Ìdí kóńgò ni kóo máa wò, má wo ẹnu rẹ̀.”

Bọ̀ọ̀dá ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, ó pa fóònù.

A rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò wa gun orí gúrúùpù, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Alága Ọ̀fẹ́. Èmi náà fi ẹnu olùkọ́ pàṣẹ pé áàpù àbúrò wa ni kí gbogbo wa máa lò láti ìsinsìnyí lọ, ó parí!

Kò pẹ́ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá fi tán. Àbúrò wa fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́. Ohun tó dé kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náírà, réètì ò sì tíì yí padà. Bọ̀ọ̀dá, tó ti ń ṣọ́ wa bí ológbò, béèrè iye tó wọlé, àbúrò wa sì kọ ọ́ síbẹ̀ láìfura.

Àṣé ohun tó ń retí nìyẹn. “Ọ̀fẹ́ mi ìbá fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì lé yín lọ́wọ́!” ló kọ. “Tíṣà ìṣirò, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Òótọ́ ló sọ. Pọ́n-ùn mẹ́ta kò ju eṣinṣin lọ lára igba, ṣùgbọ́n lára ogún, eegbọn ni. Mo pa fóònù mi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tèmi náà kò dáa lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí ẹ̀rín parí ni a tó gbọ́n. Àwọn méjèèjì kì í béèrè mọ́ pé èwo ni ọ̀fẹ́. Wọ́n á ṣí áàpù méjèèjì, wọ́n á tẹ iye kan náà sí i, wọ́n á wo náírà tí yóò dé Ọ̀kà. Bí owó bá kéré, Bọ̀ọ̀dá ló ń fi í ránṣẹ́. Bó bá pọ̀, wọ́n á kó o jọ sọ́wọ́ àbúrò wa, kí wọ́n lè san pọ́n-ùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ̀ọ̀dá ti ń kọ́ àwọn ará Àkókó tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún ní ọgbọ́n yìí. Mo gbọ́ pé ó ní òun lòun ṣe ìwádìí rẹ̀.

Màmá ò bá wa dá sí i. Ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má kó owó jọ títí tí wọn ò fi ní rántí fi í ránṣẹ́.