Ehoro Tí Kò Pa Ẹnikẹ́ni Lẹ́rìn-ín

Ohun kan dá Kàdírì lójú nípa ara rẹ̀: aláwàdà gidi ni òun. Faransé ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Ṣakí, bó bá sì ti dá àpárá ní kíláàsì, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi máa lu tábìlì. Bó bá délé, Misturat ìyàwó rẹ̀ á rín tiẹ̀ wẹ́rẹ́, á fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Misturat lójúde ilé náà kì í gbẹ́yìn. Ta ló wá fẹ́ sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé kò mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe?

Parakú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni Kàdírì dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta èlùbọ́, ibẹ̀ ni Faransé sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwé kan ní Ìbàdàn gba àṣẹ láti sọ ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín àwọn Faransé di Yorùbá, òun ni wọ́n gbé e fún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún gbogbo àdúgbò. Kò sí ẹni tó kí i lọ́nà mọ́sálásí tí kò ní gbọ́ pé ìwé ń bọ̀, orúkọ òun sì máa wà níwájú rẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ ni apá rẹ̀ kò ká. Ọkùnrin kan wọ kóòtù, ó mú òdòdó dání, ó jókòó sí ilé oúnjẹ, ó ń retí obìnrin. Ó retí títí àbẹ́là orí tábìlì fi jó tán. Nígbà tó yá, ehoro kan jókòó sórí àga tí ó yẹ kí obìnrin náà jókòó sí, ó ń jẹ ewébẹ̀ inú àwo. Agbóúnjẹ wá dúró, ó ń wo ehoro, ó béèrè bóyá ẹni tí ọkùnrin náà ń retí nìyí. Ọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé wọ́n gbé ehoro kalẹ̀ fún òun. Bí àwọn Faransé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí ẹnì kan bá ṣèlérí pé òun ń bọ̀ tí kò sì wá. Ayàwòrán kàn wá ya ehoro tòótọ́ síbẹ̀ ni.

Kàdírì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí: "Wọ́n gbé ehoro kalẹ̀ fún mi." Ó wá fi àlàyé gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó kà á ní kíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kà á fún Misturat, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ló bá fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó jókòó ti fóònù, ó ń retí oríyìn.

Gbémisọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó ìwé náà níbẹ̀, ni ó pè é. Ó kí i dáadáa, ó béèrè ará ilé, lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá gbé ehoro fún ọ ní Òkè-Ògùn, ó ṣe ọ́ lálejò ni, kí ló wá ń ba ọkùnrin náà nínú jẹ́? Àlàyé ìsàlẹ̀ yẹn sì rèé, ẹ̀fẹ̀ tí a bá ti là yé èèyàn ti kú. Kàdírì ní kò burú, kí ó jẹ́ "Ó já mi kulẹ̀." Gbémisọ́lá ní ìtumọ̀ ti bọ́ sí i báyìí, àmọ́ ehoro ti di aláìníṣẹ́. Ó ní àwọn ò lè pa á rẹ́, torí ọ̀rọ̀ nìkan ni àwọn gbàṣẹ láti yí padà, àwọn ò gbàṣẹ àwòrán. Kí ó gbàgbé ẹ̀fẹ̀ Faransé, kí ó wá tuntun tó máa bá àwòrán náà mu, tí kò sì ní ju inú róbótó funfun kékeré tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí lókè orí ọkùnrin náà lọ.

Inú bí Kàdírì. Ó ní gbogbo ẹni tí òun kà á fún ló rẹ́rìn-ín.

"Nínú gbogbo wọn, sà," Gbémisọ́lá béèrè, "ta ni kò ní í rí wàhálà tí kò bá rẹ́rìn-ín?"

Kàdírì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n lọ́kàn. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Gbémisọ́lá ní tí kò bá rí i ṣe di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun máa gbé ìwé náà fún ẹlòmíì. Kàdírì ro ti gbogbo ẹni tó ti sọ fún lọ́nà mọ́sálásí.

Ọlọ́run ṣe é, Àǹtí Àmọ̀kẹ́ wá kí wọn láti Ògbóòró lọ́jọ́ Sátidé, òun àti iṣu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Misturat ni, àna ni, Kàdírì sì ní láti dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sí gbèsè ẹ̀rín lọ́rùn Àǹtí. Kàdírì fi àwòrán hàn án, ó ka méjèèjì fún un. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.

"Ebi ń pa á, ehoro wà níwájú rẹ̀," ó ní. "Kí ló dé tí kò pa á jẹ?"

Ibẹ̀ ni Kàdírì ti mọ̀ pé ìyà ń bẹ níwájú òun. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì tẹ́tí sí tọkọtaya kan tó ń jà lẹ́yìn ògiri, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́ lẹ́tí òun. Kàdírì ń wò ó. Ó rántí ìgbà tí òun ń fẹ́ Misturat, tí Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ń ṣe alárinà wọn, bí ó ṣe máa ń jókòó sáàárín wọn, tí ó máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, tí ó sì máa ń jẹ ẹran àwo méjèèjì. Nígbà mìíràn, Misturat fúnra rẹ̀ kì í wá. Alárinà ni ó máa ń rán. Kàdírì bomi fọwọ́, ó wá bírò lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ka tuntun tó kọ sókè. Agbóúnjẹ béèrè pé, "Ẹni tí ẹ ń retí nìyí?" Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Rárá o, alárinà rẹ̀ ni. Ẹ wo etí."

Ariwo kan bú jáde láti ilé ìdáná. Kàdírì kọ́kọ́ rò pé ìkòkò ló fọ́. Misturat ni. Ó di ògiri mú, ó ń rín ẹ̀rín kan tó gbòòrò, tó ń dún bí imú ẹlẹ́dẹ̀, kò sì rí ọwọ́ tí ó máa fi bo ẹnu. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ní tiẹ̀ ò rín rárá. Ó rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀.

"Kàdírì, èmi lo yà sínú ìwé?"

Kàdírì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun kọ́ ni òun yà á o, àwọn Faransé ni. Àǹtí Àmọ̀kẹ́ ní kí ni òun ṣe fún àwọn Faransé. Misturat tún ti ṣubú lu ògiri.

Kàdírì fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí ọ̀sán sì tó pọ́n, Gbémisọ́lá ti pè. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè kí i dáadáa. Ó ní ìwé ti di tirẹ̀, kí ó máa bá ìyókù lọ. Kàdírì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ẹ̀rín Misturat ló wà lọ́kàn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì dùn ún bí ó ṣe dùn mọ́ ọn.

Ó lọ bá a ní ilé ìdáná, níbi tí ó ti ń rẹ́ ilá.

"Misturat, gbogbo ẹ̀rín tí o ti ń rín fún mi tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Misturat kò gbójú sókè.

"Bàbá Ọlámipọ̀sí, ọkọ mi lẹ jẹ́," ó ní. "Ṣé kí n kàn máa wò yín ni?"