Oògùn Inú Kànga

Ìgbátí àkọ́kọ́ ló fọ́ ètè Bàbá Kànga. Kó tó lè sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi," ìkúùkù ti dé sí ìhà ẹ̀, ẹnì kan sì ti já ìbọ̀wọ́ rọ́bà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ń lù ú kì í ṣe àlejò o. Àwọn tó gbẹ́ kànga fún ni. Ogún ọdún ni wọ́n fi mu omi ẹ̀, wọ́n sì kí i "ẹ kú iṣẹ́" ní gbogbo ọdún náà.

Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kànga méjìlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́. Ó ga, ó gbẹ, orí ẹ̀ pá. Tó bá wà nísàlẹ̀ kànga, orin ló máa ń kọ, kí àwọn tó ń fa yẹ̀pẹ̀ lókè lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Nínú gbogbo wọn, èyí tó wà láàárín àdúgbò ẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Omi ẹ̀ tutù, ó mọ́ gaara. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kànga yẹn láìdáa, ìjà dé nìyẹn.

Àfi ìgbà tí onígbáméjì wọ àdúgbò. Ọjọ́ kẹta, èèyàn mẹ́rin ti lọ. Ẹni tó bá mú láàárọ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ á dà bí omi ìrẹsì, á máa bì, ojú á jìn wọnú, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ẹ̀bá títì bu omi kànga náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì padà wá.

"Bàbá, ìgbẹ́ wà nínú omi yín."

"Ìgbẹ́ kẹ̀? Nínú omi tó mọ́ báyìí?"

"Ó mọ́ lójú, sà. Ohun tó ń pa èèyàn nínú ẹ̀ ò ṣe é fojú rí."

Ìyàwó ẹ̀ wà nídìí iná, ó ń koná mọ́ ìkòkò omi. Kò ya òun lẹ́nu. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ibà tàífọ́ọ̀dù mú ọmọbìnrin wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sì pa á, kò sí omi tí obìnrin yìí ń mu láìsè. Á jẹ́ kó hó yaya, á dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó fọ̀ mọ́, á dé e. Dídà ni wọ́n ń dà á jáde. Ẹni tó bá ki ife bọ̀ ọ́ máa gbọ́ èébú. Ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣalángá ẹ̀, oúnjẹ gbígbóná ló sì ń bù fún wọn. Àdúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Ọbẹ̀-Omi. "Ìyá, ṣé ọbẹ̀ ti jinná?" wọ́n á ní. Á dá wọn lóhùn pé, "Ẹran ló kù. Wá bọ́ sínú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fún Bàbá Kànga ní ìyẹ̀fun kílórínì. Kó pò ó pọ̀ mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó dà á sí kànga, kó ju fàmífàmí sí i kó máa fi rú u, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe àdúgbò jọ, sà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn." Bàbá ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni, kò pe ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ dúró láàárín ọ̀nà máa kéde pé ìgbẹ́ wà nínú kànga òun? Ó fi aṣọ di imú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó da nǹkan funfun yẹn sí kànga lọ́sàn-án gangan. Bí obìnrin kan ṣe gbé korobá ẹ̀ dé, Bàbá pariwo mọ́ ọn: "Má pọn ọ́n o! Mo ti da oògùn sí i!"

Oògùn! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé! Èyí tó ń wo èèyàn sàn, oògùn ni. Èyí tó ń pa èèyàn, oògùn ni. Níbi tí wọ́n ti sin èèyàn mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èwo lẹ rò pé wọ́n gbọ́?

Báábà tó ń gẹrun lóríta ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru láti àárọ̀. "Òun ló ń pa wá!" ló ń ké. Wọ́n bo Bàbá mọ́lẹ̀. Wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ láyà. Báábà fa pákó kan yọ, ó là á mọ́ ọn lápá òsì, egungun sì dún kẹ́. Wọ́n wá fa omi látinú kànga sínú korobá, wọ́n ya ẹnu ẹ̀. "Mu ún! Tí kì í bá ṣe májèlé, mu ún!"

Ọmọ odó ni Ìyá Ọbẹ̀-Omi mú wá. Ó kọ́kọ́ fọ́ korobá yẹn, ó wá gbá Báábà lẹ́jìká, ó tún gbé ọmọ odó náà sókè. Ojú ẹ̀ ti yí padà pátápátá. Wọ́n fọ́nká.

Ó ń di apá ọkọ ẹ̀ mọ́ igi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe ìyàwó Báábà látòdì kejì ọ̀nà. Ó ń bẹ ọkọ ẹ̀ pé kó jẹ́ kóun fún ọmọ lómi. Báábà ní rárá: omi ló ń ya jáde lára ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi kún un.

Bàbá dìde.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọmọ yẹn máa gbẹ kú."

"Ọmọ ẹni tó ṣẹ́ yín lápá?" Bó ṣe ń bú u náà ló ń wọn ṣúgà: ṣíbí tíì mẹ́fà, ó gé orí wọn dọ́gba, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, sínú ìgò omi lítà kan tó ti sè. "Ẹ ti ya wèrè," ló sọ, ó sì tẹ̀ lé e.

Bàbá ta ilẹ̀kùn Báábà nípàá. Báábà fò dìde, abẹ ìgẹrun wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ti Bàbá lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó ń sunkún, kò sì sí omijé lójú ẹ̀.

"Èmi ni," Bàbá sọ. "Èmi ni mo pa wọ́n. Èmi náà ni mo gbẹ́ ṣalángá tó wà lẹ́yìn ògiri ilé yìí. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré ló fi jìnnà sí kànga. Mo mọ̀ pé kò dáa. Onílé yín ní ilẹ̀ òun kéré, mo sì gbẹ́ ẹ fún un. Ìgbẹ́ ń jò lábẹ́ ilẹ̀ lọ sínú omi, ọmọ tèmi gan-an ló kọ́kọ́ pa."

Ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́ ìyẹn rí.

"Tó o bá fẹ́ pa mí, pa mí," Bàbá ní. "Ṣùgbọ́n fún un lómi ná."

Abẹ náà pẹ́ lọ́rùn ẹ̀. Ìyá Ọbẹ̀-Omi ni kò dúró dè wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọmọ, ó fún un ní ṣíbí kan. Ọmọ bì í. Ó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Omijé ń dà lójú òun fúnra ẹ̀, kò sì wo ọkọ ẹ̀ lójú. Báábà ju abẹ sílẹ̀, ó gbé ọmọ, ó sáré gba ilé ìwòsàn lọ, Ìyá Ọbẹ̀-Omi ń sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò àti ṣíbí. Wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára níbẹ̀.

Báábà ló fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ dí ṣalángá yẹn. Bàbá jókòó tì í, apá ẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó Bàbá fi gbé oúnjẹ fún un láìsọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ padà sílé, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Báábà fọ ọwọ́ ẹ̀ tọṣẹtọṣẹ, ó da omi látinú kẹ́ẹ̀gì tí nọ́ọ̀sì ti kán kílórínì sí. Ọmọ gbóòórùn ẹ̀, ó fajú ro.

"Bàbá mi, ṣé oògùn wà nínú ẹ̀ ni?"

Báábà wo òdì kejì ọ̀nà, níbi tí Bàbá Kànga jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ kan bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ.

"Oògùn wà nínú ẹ̀," ó ní. "Mu ún."